Ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá: èwo ni ká mú, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Àbúrò Ọkọ (Ẹ̀búté Mẹ́tta)

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fẹ́ ìyàwó, ọmọ Ẹ́fíìkì láti Kàlàbá. Ìyàwó ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ màmá wa, màmá ò sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Mo ti ṣa ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ jọ fún un: àwọ̀, ẹranko, ẹ̀yà ara, èso, ọjọ́ ọ̀sẹ̀, àti àwọn nǹkan inú ilé. Ó ti mọ nǹkan bí ìdajì wọn sórí. Àmọ́ tí màmá bá bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, dídákẹ́ ló ń dákẹ́. Kí ló kù tí mi ò fi síbẹ̀?

Tíṣà Yábà

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló kù. Nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ yẹn, kò sí ẹyọ kan tó lè gbé gbólóhùn dìde. Ẹni tó mọ "ológbò" àti "pupa" kò tíì lè sọ nǹkan kan fún ìyá ọkọ rẹ̀, àmọ́ ẹni tó mọ "mo fẹ́" lè fi ìka na nǹkan tí kò mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ọ yé.

Bí èmi ṣe máa ń pín in nìyí. Mẹ́fà fún mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n. Ọgbọ̀n fún ọ̀rọ̀-ìṣe. Mẹ́wàá fún àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń so gbólóhùn pọ̀: ń, ti, máa, kò, má, ni, sí, àti, náà, jọ̀ọ́. Méje fún ìbéèrè: ṣé, kí ni, ta ni, níbo, èló, mélòó, dà. Méje fún bí nǹkan ṣe rí: púpọ̀, díẹ̀, dára, wọ́n, gbóná, tutù, tóbi. Òǹkà mẹ́wàá. Ọgbọ̀n tó kù ni kí o fi mú orúkọ nǹkan, kí ó sì jẹ́ nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ máa bà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: omi, oúnjẹ, owó, aṣọ, abọ́, ìkòkò, iyọ̀, ata, epo, ẹja, ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Erin àti kìnnìún lè dúró.

Ọgbọ̀n ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn rèé: fẹ́, ní, wà, jẹ, mu, mú, ra, ta, gba, fún, san, lọ, wá, dé, jókòó, dìde, dúró, sùn, jí, rí, gbọ́, mọ̀, sọ, pè, ṣe, sè, fọ̀, gbá, gbé, lè. Mi ò ka ìkíni mọ́ ọn, torí odidi ni wọ́n ń gbé ìkíni mì, wọn kì í tú u wò.

Má kọ ọ̀rọ̀-ìṣe kan sílẹ̀ ní òun nìkan o. Kọ ọ́ pẹ̀lú ohun tó máa ń tẹ̀ lé e: mu omi, gba owó, fọ aṣọ, gbá ilẹ̀, se oúnjẹ. Ìdí ni pé ohùn àwọn kan ń yí tí orúkọ bá tẹ̀ lé wọn. Tí màmá bá ní "mo gbà", ohùn ìsàlẹ̀ ni; tó bá di "gba owó", ohùn yẹn ti gòkè wá sí àárín. Ẹni tó kọ́ "gbà" lọ́tọ̀ máa rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni.

Kọ́ńdọ́ Ọ̀jọ́ta

Tíṣà ti sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ máa tètè dá ẹ̀rù ba ìyàwó yìí. Gbólóhùn ò ju mélòó kan lọ. "Mo fẹ́" kan, "mo ní" kan, "mo ń lọ sí" kan, "níbo ni" kan. Tó bá fẹ́ kọ nǹkan, kó fi "ò" sí i: mi ò fẹ́, mi ò ní, mi ò lọ. Ibi gbogbo ni "ò" ń ṣiṣẹ́, ó parí. Tó bá wọ dánfó, kó pariwo orúkọ bọ́sìtọ́ọ̀pù ẹ̀ kó fi "ó wà o" sí i: "Ojúẹlẹ́gba, ó wà o!" Dírẹ́bà máa dúró. Kò nílò gírámà.

Tíṣà Yábà

"Ó wà o" yẹn dáa gan-an, kó fi kún ìkíni rẹ̀ bí odidi. Ó sì tọ̀nà pé "mi ò" ni kó kọ́, kì í ṣe "èmi kò", nítorí "mi ò" ni màmá máa sọ fún un nínú ilé. Àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo ni "ò" ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣubú. Àwa tí a bí sínú èdè yìí kì í kíyè sí i pé bí a ṣe ń gbà kì í bá bí a ṣe ń kọ̀ mu. Wò ó:

Mo lọ. — Mi ò lọ.
Mo ń sùn. — Mi ò sùn.
Mo ti jẹun. — Mi ò tíì jẹun.
Mo máa lọ. — Mi ò níí lọ.
Omi wà. — Kò sí omi.
Ẹja ni. — Ẹja kọ́.
Ẹ wá. — Ẹ má wá.

Méjì àkọ́kọ́ nìkan ni òfin Kọ́ńdọ́ mú. Nínú èkejì pàápàá, "ń" ti sá lọ. Tí ìyàwó bá sọ pé "omi kò wà", wọ́n máa gbọ́ ọ, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín. Èyí tó léwu ni "máa". Ká ní màmá béèrè bóyá ó máa lọ sọ́jà lọ́la, tó wá dáhùn pé "mi ò lọ": létí màmá, ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àná, ìyẹn ni pé kò lọ. "Mi ò níí lọ" ló yẹ kó sọ. Bákan náà ni "mi ò jẹun" àti "mi ò tíì jẹun". Èkejì ń dúró de oúnjẹ, àkọ́kọ́ lè dà bíi pé inú ń bí i.

Kí ó kọ́ wọn ní méjì-méjì láti ọjọ́ kìíní. Kí a má kọ́ ọ ní "mo ti" lónìí, ká tó kọ́ ọ ní "mi ò tíì" lóṣù tó ń bọ̀.

Ní ti ẹlòmíì tó ń kọ̀, ohun méjì péré ni kó mọ̀. "Ó" máa ń pòórá: ó lọ, kò lọ. "Wọ́n" sì máa ń sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀: wọ́n lọ, wọn ò lọ.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú

Ẹ ṣé o, tíṣà. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré ṣe máa ń rí nìyẹn. Èmi rò pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi a, b, d, e bẹ̀rẹ̀, kó mọ lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tán, kó tó kan gbólóhùn. Àwọn ìbejì mi ti lé lọ́dún márùn-ún, gbogbo ohun tí mo bá sọ ni wọ́n ń gbọ́, àmọ́ gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ṣé ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ yìí á ràn wọ́n lọ́wọ́?

Tíṣà Yábà

Ìyá Ìbejì, àgbàlagbà ni wọ́n béèrè fún o, ìyàwó ilé. Lẹ́tà lè dúró, torí ẹnu ló fẹ́ lò báyìí. Ìgbà tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni lẹ́tà máa wúlò.

Ti àwọn ìbejì yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ kún etí wọn, ẹnu ni kò lò ó. Ẹ má béèrè ohun tí wọ́n lè fi "yes" dáhùn. Ẹ fi méjì síwájú wọn: "Ìrẹsì àbí ẹ̀wà?" "Ẹ máa wẹ̀ báyìí àbí tó bá yá?" Wọ́n ní láti mú ọ̀kan nínú ohun tí ẹ sọ, Yorùbá ló sì máa jáde.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan lé ti "máa" àti "ti". Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá sábà máa ń rò pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá dúró jẹ́ ti ìsinsìnyí. Ó máa wà nídìí oúnjẹ, ó máa sọ pé "mo jẹ ẹ̀bà". Màmá á wá rò pé ó ti jẹun tẹ́lẹ̀, á ní "ó dáa", á kó abọ́. "Mo ń jẹ ẹ̀bà" ló yẹ kó sọ. Ra, jẹ, lọ, sè, fọ̀, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: tí kò bá sí nǹkan níwájú wọn, ó ti ṣẹlẹ̀ tán.

Àmọ́ fẹ́, ní, mọ̀, wà ò sí nínú wọn. "Mo fẹ́ omi" jẹ́ ti ìsinsìnyí, kò sì gbọdọ̀ sọ pé "mo ń fẹ́ omi". Tó bá ti fi "mo fẹ́" ṣe àpẹẹrẹ tó fi kọ́ gbogbo ìyókù, á máa ṣi "mo ra" lò. Torí náà, ẹ má fi "fẹ́" nìkan ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ fi "fẹ́" kan àti "ra" kan.

Ẹ̀kejì, ohùn. Ọmọ Ẹ́fíìkì ni, èdè wọn náà ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ó sì máa ń pe "kp" bí a ṣe ń pe "p" wa. Ìdajì iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Ẹ má fún un ní àkójọ ọ̀rọ̀ oní-dò-rè-mí gígùn. Èyí tó máa kó o sí wàhálà nínú ilé ni kí ẹ fi dán an wò:

"Mo fọ abọ́" àti "mo fọ́ abọ́". Ọ̀kan ti mọ́, ọ̀kan ti di àpáàdì.
"Ẹ mu omi" àti "ẹ mú omi". Ọ̀kan lọ sí ọ̀fun, ọ̀kan wà lọ́wọ́.
"O ti dé" àti "ó ti dé". Ọ̀kan jẹ́ ẹni tó wà níwájú rẹ, ọ̀kan jẹ́ ẹlòmíì.

Kí ẹnì kan máa sọ wọ́n láìtò tẹ̀ léra, kí ìyàwó máa fi ọwọ́ ṣe é, kó mú ife tàbí kó gbé e sẹ́nu. Tó bá ṣe é bó ṣe yẹ ní ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, etí rẹ̀ ti mú un. Ṣáájú ìyẹn, ẹ má tíì ní kó sọ ọ́. Ohun tí etí kò bá yà sọ́tọ̀, ẹnu ò lè yà á.

Àbúrò Ọkọ (Ẹ̀búté Mẹ́tta)

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gé ẹranko dànù. Ibi tó máa kọ́kọ́ dá lọ ni ọjà Oyíngbò. Ṣé ọgọ́rùn-ún yìí á tó láti fi ra ẹja?

Tíṣà Yábà

Ẹ jẹ́ ká gbé e wò. Ẹni tó ń ra nǹkan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:

— Ẹ kú ọjà o, màmá.
— Ẹ ṣé o. Kí lẹ fẹ́?
— Mo fẹ́ ra ẹja. Èló ni?
— Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni.
— Ó wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù.
— Èló lẹ máa san?
— Ẹgbẹ̀rún méjì.
— Rárá, kò gbà.
— Ó dáa. Ẹ fún mi ní ẹja kékeré.
— Ẹgbẹ̀rún méjì nìyí.
— Owó nìyí. Ṣẹ́ńjì mi dà?

Àfi "mi", "ẹgbẹ̀rún", "kékeré", "nìyí", "ṣẹ́ńjì" àti "ẹ dín in kù", gbogbo ohun tí ìyàwó sọ níbẹ̀ ti wà nínú ọgọ́rùn-ún tàbí nínú ìkíni. Mẹ́fà yẹn ni kó gbé mì lódidi kó tó kúrò nílé.

Ibi tó ti máa há ni ìlà kejì. A ti kọ́ ọ ní "kí ni", ẹlẹ́ja sì sọ pé "kí lẹ fẹ́". Á máa wá "kí ni" kò níí rí i. Tí fáwẹ́lì yàtọ̀ sí "i" bá tẹ̀ lé "ni" tàbí "ní" nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, "n" ń di "l", "i" á sì jáde: kí ni ẹ fẹ́, kí lẹ fẹ́, ní ọjà, lọ́jà, ní Èkó, l'Ékòó. Àmọ́ ní ilé ṣì jẹ́ nílé. Kò pọn dandan kó máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá sọ pé "kí ni ẹ fẹ́" lódidi, gbogbo èèyàn á gbọ́. Kó ṣáà máa fetí sí "l" yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ra ẹja": òun lè là á mọ́lẹ̀, àmọ́ "rẹja" ni màmá máa wí.

Má sì jẹ́ kó da èló pọ̀ mọ́ mélòó. Èló jẹ́ ti owó, mélòó jẹ́ ti iye. Tó bá bi ẹlẹ́ja pé "mélòó ni?", ẹja ni ìyẹn máa kà fún un.

Alájọ Mushin

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún yìí ni mo fẹ́ sọ sí. Ta ló ń fi Yorùbá pe owó ní Èkó mọ́? "Tú táósàn" ni wọ́n ń wí. Ẹ kàn ń fi àkókò ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò. Kó kọ́ ọ̀kan dé mẹ́wàá fún iye nǹkan, kó fi owó sílẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ó kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀dọ́ lè máa wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyá àgbà tó ń ta ata ní Oyíngbò lè má wí bẹ́ẹ̀, màmá tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ̀rún rọrùn gan-an ní tirẹ̀: ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ẹni tó bá ti mọ òǹkà mẹ́wàá ti mọ̀ ọ́n dé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Kó wá fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kún un fún 500, ó tán. Mo gbà pé kó má dé ibi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ fún 1500, torí àyọkúrò inú rẹ̀ ń da ọmọ Yorùbá pàápàá láàmú. Kó sọ pé "ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta".

Kan, méjì, mẹ́ta ni kó kọ́ o, kì í ṣe ení, èjì, ẹ̀ta. Iṣu méjì ni wọ́n ń rà.

Alájọ Mushin

Owó ni mò ń gbà lójoojúmọ́ láàárín ọjà. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú

Ẹ ti gbàgbé ìyá ọkọ. Ọ̀rọ̀ "o" àti "ẹ" ńkọ́? Tó bá kọ́ "o" àkọ́kọ́, á sọ ọ́ sí màmá.

Tíṣà Yábà

Òótọ́ ni, ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fún oṣù àkọ́kọ́, kó má tilẹ̀ lo "o" rárá. Kó máa gbọ́ ọ, torí màmá máa sọ ọ́ sí i, àmọ́ "ẹ" ni kó máa fi bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ "ẹ" sí ọmọdé, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sọ "o" sí àgbà ti rí ìjà.

Èyí tí àwọn olùkọ́ máa ń gbàgbé ni "wọ́n". Tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá béèrè lọ́wọ́ ìyàwó pé màmá ńkọ́, kó má wí pé "ó ti jẹun". "Wọ́n ti jẹun" ni. Màmá nìkan ni, síbẹ̀ "wọ́n" ló ń jẹ́. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: bi í léèrè nípa màmá, bi í léèrè nípa ajá ilé, kó máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n ń sùn." "Ó ń sùn." Tó bá pa wọ́n pọ̀, tún bẹ̀rẹ̀.

Ìkíni náà, "ẹ kú" ni kó fi ṣe fọ́ọ̀mù, kó máa fi nǹkan bọ inú rẹ̀: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé nígbà tó bá wọlé bá wọn, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Káàárọ̀ àti káàbọ̀ ti lẹ̀ pọ̀, kó gbé wọn mì bẹ́ẹ̀. Kó sì ní gbólóhùn mẹ́ta tó máa fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." "Ẹ rọra sọ ọ́." "Kí ni wọ́n ń pe èyí?" Ẹ̀kẹta yẹn ló máa bá a kó orúkọ nǹkan tó kù jọ láìsí ìwé.

Kọ́ńdọ́ Ọ̀jọ́ta

Mo ti gba ti "níí" yẹn, tíṣà. Àmọ́ "mo máa lọ" kọ́ ni wọ́n ń sọ ní Èkó, "mà á lọ" ni. Ẹ kọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu.

Tíṣà Yábà

Òun náà ni, o ṣé lóòótọ́. Kó sọ "mo máa lọ", kó mọ "mà á lọ" tó bá gbọ́ ọ.

Àbúrò Ọkọ (Ẹ̀búté Mẹ́tta)

Ó kù ẹyọ kan. Èmi gan-an kéré sí ìyàwó lọ́jọ́ orí. Ṣé "o" ni kó máa sọ sí mi, àbí "ẹ"?

Ìyá Ìbejì Ṣómólú

"Ẹ" ni! Gbogbo ọmọ tó bá nínú ilé ọkọ, àgbà rẹ̀ ni wọ́n, kì í tilẹ̀ í pe orúkọ wọn. Kó wá orúkọ àpọ́nlé kan fún ọ.

Alájọ Mushin

Láyé ìsinsìnyí? Ní Èkó? Tó bá ti kí màmá, tó sì kúnlẹ̀, ó ti parí. Kó máa pe àbúrò ọkọ lórúkọ.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú

Ẹ lọ bi màmá fúnra wọn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n bá wí.